Báńkì, sìmẹ́ǹtì, ìròyìn àti oko lábẹ́ òrùlé kan: ta ló ń bọ́ ta?

Ìbéèrè: Mo ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìkòròdú, èmi náà sì ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Wọ́n ní Odù'a, ilé-iṣẹ́ okòwò tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá jọ ni, ní ìpín nínú báńkì àti sìmẹ́ǹtì, pé ó ti ní ìwé ìròyìn rí, ó sì tún ń dáko. Báwo ni ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè mọ iṣẹ́ mẹ́rin yìí? Ṣé owó tí a fi pamọ́ sí báńkì ni wọ́n ń kó lọ síbi sìmẹ́ǹtì? Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ra ìpín, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé-iṣẹ́ ìyá, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó jókòó ní Ilé Kòkó n'Íbàdàn, níbi tí olú iléeṣẹ́ Odù'a wà, kì í sun òkúta ẹfun, wọn kì í ka owó lórí káńtà báńkì. Ìwé ìpín ló wà lọ́wọ́ wọn. Lójú òfin, báńkì dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá dúró: ó ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ọ̀gá àgbà tirẹ̀, láísẹ́ǹsì tirẹ̀ àti gbèsè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ohun tí ìyá ń ṣe kò ju pé kó dìbò ní ìpàdé ọdọọdún, kó wá ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀dù, kó sì gba èrè-ìpín nígbà tí wọ́n bá pín in. Bí ìpín rẹ̀ bá ju ìdajì lọ, ó lè yan ọ̀pọ̀ àwọn dáírẹ́ktọ̀, ó sì lè yọ wọ́n. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré ló ní, onípìn-ín bíi ti àwọn yòókù ni, àfi pé tirẹ̀ tóbi díẹ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan "ní" báńkì, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ìdá mélòó ló ní nínú rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà.

Bí ìpín oríṣiríṣi bẹ́ẹ̀ ṣe bọ́ sí ọwọ́ kan, owó kòkó ló fà á. Àjọ tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ń san iye tó rẹlẹ̀ sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, àlékù sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kó nínú àlékù yẹn sí okòwò, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn àti àwòrán jáde n'Íbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ọdún yẹn náà ni ètò ibùdó oko fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ gbéra, ilé-iṣẹ́ WAPCO sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ní 1960. Ní ti báńkì, National Bank tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí dá sílẹ̀ ní 1933 bọ́ sábẹ́ ìjọba náà, nígbà tó sì di 1969, Báńkì Agbọ́nmágbẹ tó ti wà láti 1945 bọ́ sí i pẹ̀lú, wọ́n sì sọ ọ́ di Wema. Ìwé ìròyìn Sketch bẹ̀rẹ̀ ní 1964.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí ìmọ̀ tí wọn kò ní. Wọn kò gbìyànjú láti fi òṣìṣẹ́ ìjọba po sìmẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a wá mọ̀ sí Blue Circle, ni wọ́n bá da WAPCO pọ̀. Òyìnbó mú ìmọ̀ ààrò wá, ìjọba mú owó àti àyè dé ibi òkúta ẹfun tó wà nílẹ̀ Ewékorò wá. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó mìíràn ló bá wọn gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀. Ẹni tó ní owó kò ní láti ní ọgbọ́n iṣẹ́, bó bá ti mọ irú ẹni tó yẹ kó bá ṣe àjọṣe àti bí yóò ṣe yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ìyá ti ń kùnà jù ni yíyẹ ìwé wò yẹn.

Nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní Oṣù Kejì 1976, àwọn dúkìá yìí kò ṣeé gé sí mẹ́ta bí ẹran. Wọ́n dá Odù'a sílẹ̀ ní Oṣù Keje ọdún náà kó lè máa di gbogbo rẹ̀ mú fún àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọ̀ṣun àti Èkìtì sì wọlé lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan yín ní Ìkòròdú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkẹjà wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Èkó fi ní ẹ̀tọ́ láti wọlé láìpẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín kẹfà.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin gba tẹlifíṣọ̀n, ó sì di ara NTA ní 1977. Sketch kú. Ní 2005, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní dandan kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, National Bank wọ inú Wema. Wema fúnra rẹ̀ ti di ti ọ̀pọ̀ onípìn-ín, Odù'a sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. WAPCO di Lafarge, ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ dárúkọ, oko ló ṣẹ́ kù tí ilé-iṣẹ́ ìyá lè pàṣẹ lé lórí pátápátá. Bí ẹ bá ń rí àwòrán ilé ńlá kan tí ọ̀gá kan ti ń pàṣẹ fún báńkì lárọ̀ọ́, kó tún pàṣẹ fún ilé sìmẹ́ǹtì lọ́sàn-án, ẹ gbé àwòrán yẹn jù sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí ẹnì kan yóò fẹ́ mú irú àwọn iṣẹ́ tí kò jọra bẹ́ẹ̀ pọ̀? Ìdí tó lágbára ni pé owó wọn kì í dé lásìkò kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sìmẹ́ǹtì mọ̀ pé oníbàárà ńlá ń san owó kó tó gbé ẹrù. Tírélà tó kó àpò 600 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50, tọ́ọ̀nù 30 nìyẹn, owó rẹ̀ ti wọ ilé-iṣẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu géètì. Ìṣòro sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀rẹ̀: ààrò tó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius gba owó rẹpẹtẹ kí àpò àkọ́kọ́ tó jáde, ó sì ń jẹ gáàsì tọ̀sán tòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró, owó ń wọlé lójoojúmọ́. Oko ọ̀pẹ jẹ́ òdì kejì rẹ̀. Ẹ óò gbin ín lónìí, ẹ óò máa ro ó, ẹ óò máa fún un ní ajílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí eyìn tó ṣeé tà tó yọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa so fún ogún ọdún ó lé. Bí oko bá dá dúró, ọdún àìso wọ̀nyẹn ló ń pa á. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gba owó lójoojúmọ́, ó lè la á já. Ìdí tòótọ́ tí sìmẹ́ǹtì àti oko fi lè jọ gbé nìyẹn.

Ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀. Owó ìpolówó ni wọ́n ń jẹ, àwọn tó ń polówó sì ń pẹ́ san gan-an, nígbà tí owó iná, bébà àti owó oṣù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí onílé ń wá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni ohùn, kì í ṣe èrè. Bí ilé-iṣẹ́ ìyá bá ní nítorí ohùn lòun ṣe ń bọ́ ìwé ìròyìn, tó sì kọ iye tó ń ná lé e lọ́dún síta gbangba, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Èyí tó ń dun onípìn-ín ni kí wọ́n máa pè é ní okòwò, kí àdánù rẹ̀ sì máa sùn sínú àkàǹtì ìyá lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣe é. Iye àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ká ní ìyá ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ìdá 8 nínú báńkì, ó sì ní ìwé ìròyìn àti oko ọ̀pẹ pátápátá. Sìmẹ́ǹtì pín èrè bílíọ̀nù 30 náírà. Ti ìyá jẹ́ bílíọ̀nù 3, wọ́n yọ ìdá 10 owó orí kí wọ́n tó san án, ó ku bílíọ̀nù 2.7. Báńkì pín bílíọ̀nù 5. Ti ìyá jẹ́ mílíọ̀nù 400, lẹ́yìn owó orí ó di mílíọ̀nù 360. Àpapọ̀ owó tó wọlé jẹ́ bílíọ̀nù 3.06. Ìwé ìròyìn pàdánù mílíọ̀nù 500, oko tí kò tíì so gba mílíọ̀nù 500, owó oṣù àti ìnáwó olú iléeṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 800. Ohun tó ṣẹ́ kù fún àwọn olówó jẹ́ bílíọ̀nù 1.26. Ẹ rí i pé sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó tó wọlé. Orúkọ mẹ́rin ló wà lára pátákó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni ilé náà fi ń dúró. Bí owó gáàsì bá gbé èrè sìmẹ́ǹtì lọ lọ́dún kan, ebi yóò pa oko ní ọdún tó ku díẹ̀ kó so.

Ní ọdún kejì, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe gan-an ní 2024, nígbà tó ní kí báńkì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè ní bílíọ̀nù 200, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500. Ká ní báńkì inú àpẹẹrẹ wa fẹ́ tu bílíọ̀nù 100 jọ lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín rẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ kí ìdá 8 rẹ̀ dúró, ó gbọ́dọ̀ mú bílíọ̀nù 8 wá. Ohun tó ń ṣẹ́ kù fún un lọ́dún jẹ́ bílíọ̀nù 1.26, nítorí náà owó tó ju ọdún mẹ́fà lọ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un kò pọ̀: kó tà nínú ìpín sìmẹ́ǹtì tó ń bọ́ ilé, kó yá owó, tàbí kó wo àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n ra tirẹ̀. Bí iye ìpín báńkì bá di ìlọ́po méjì tí ìyá kò sì ra ọ̀kankan, ìdá 8 rẹ̀ di 4. Kò ta ohunkóhun, ẹnikẹ́ni kò jí i, síbẹ̀ ìdajì ohùn rẹ̀ ti lọ. Bí ilé-iṣẹ́ oníṣẹ́-púpọ̀ ṣe ń pàdánù báńkì rẹ̀ nìyí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìjà kankan.

Ní ti owó yín tó wà ní báńkì, òfin dí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n èmi kò ní sọ pé kò sí àlàfo lára ògiri. Báńkì kò gbọdọ̀ kó owó oníbàárà lọ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Láti 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí báńkì jáwọ́ nínú gbogbo okòwò tí kì í ṣe ti báńkì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ní ìdá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí báńkì yá ilé-iṣẹ́ tó bá onípìn-ín rẹ̀ tan lówó. Fún oníbàárà kan ṣoṣo, ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn onípìn-ín. Báńkì tí owó onípìn-ín rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 50, bílíọ̀nù 10 ni òpin. Fún dáírẹ́ktọ̀ àti àwọn onípìn-ín ńlá, òpin náà tún kéré sí i.

Ìdí tí òfin yìí fi le ni pé ẹni tó ń yáni àti ẹni tó ń yá jókòó ní ìhà kan náà lórí tábìlì. Bí oníbàárà lásán kò bá san gbèsè, báńkì á lé e, á gba ohun ìdúró rẹ̀. Bí oko onípìn-ín ńlá kò bá san án, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú, wọ́n á tún yá a lówó tuntun láti fi san èlé ti àtijọ́, ìwé á sì máa fi hàn pé gbogbo rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker wádìí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀kan lára ohun tó sì tú wò ni bí owó irè oko ṣe lọ sí National Bank àti sí ilé-iṣẹ́ okòwò ilé àti ilẹ̀ kan tó so mọ́ àwọn olóṣèlú. Ẹ má kà á sí ìtàn ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan. Ọ̀nà kan náà ni owó máa ń gbà jò níbikíbi tí ọwọ́ kan bá di báńkì àti oníbàárà báńkì mú.

Fún ìfowópamọ́ yín, àjọ NDIC ń dáàbò bo oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé mílíọ̀nù 5 náírà nínú báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan láti 2024. Bí owó ẹgbẹ́ yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan.

Ní ti ìpín rírà, ẹ kò lè ra ti Odù'a fúnra rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ín, kò sí lórí ọjà ìpín. Ohun tó wà lọ́jà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìpín nínú wọn. Ẹ óò rí báńkì náà lábẹ́ `WEMABANK`, ẹ óò sì rí Lafarge Africa lábẹ́ `WAPCO`, orúkọ tó ti ń jẹ́ látọdún pípẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ yín lè dá àkójọpọ̀ tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín pinnu ìdá tí ẹ fẹ́ fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsan owó oṣù olú iléeṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá gba ìwé ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́ kan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú níbi tí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ alága wà. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn, níbi àlàyé lábẹ́ ìṣirò, kí ẹ wá ojú ìwé tó ń sọ nípa àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ náà tan. Òfin ìṣirò fi dandan mú wọn láti kọ ọ́. Ẹ ó rí ẹni tí wọ́n yá lówó àti iye rẹ̀, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí iye tí ilé-iṣẹ́ alábàátan kan jẹ báńkì bá ń pọ̀ lọ́dọọdún tí kò sì dín kù rí, ẹ fura, nítorí ẹ̀yáwó tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ sókè, ó sì máa ń wálẹ̀. Bí ìwé báńkì náà bá sọ pé ẹ̀yáwó sí àwọn alábàátan "ń ṣe dáadáa", ẹ wo bóyá ọ̀dítọ̀ darúkọ rẹ̀ lára ohun tó gba àkókò rẹ̀ jù lọ nígbà àyẹ̀wò. Ọ̀dítọ̀ kì í pariwo. Ibi tó bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi èrè tí wọ́n pín wé owó gidi tí iṣẹ́ mú wọlé. Èrè inú ìwé kì í ṣe owó. Oko ọ̀pẹ lè kọ èrè sílẹ̀ nítorí pé iye eyìn tó ṣì wà lórí igi lọ sókè lórí ìwé, síbẹ̀ kò tíì ta ìdì kan nínú rẹ̀. Ojú ìwé tó ń fi owó tó wọlé àti owó tó jáde hàn ni yóò sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín. Bí èrè-ìpín bá ju owó tí iṣẹ́ mú wọlé lọ fún ọdún méjì léra, gbèsè, owó àtijọ́ tàbí dúkìá tí wọ́n tà ni wọ́n fi ń san án. Ẹ tún wá ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe onídùúró fún gbèsè àwọn ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó dúró fún gbèsè ilé ìwé ìròyìn ti sọ àdánù ìwé ìròyìn di tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀.

Ẹ ní láti gba ẹ̀dà ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú ìkànnì ọjà ìpín. Alágbàtà ìpín tó ní láísẹ́ǹsì ni yóò ṣí àkàǹtì CSCS, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìpín sí, fún yín. Ẹ jẹ́ kó ṣí i lórúkọ tí ẹgbẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe lórúkọ akápò tàbí alága. Ẹ kọ nọ́ńbà àkàǹtì báńkì ẹgbẹ́ sínú fọ́ọ̀mù èrè-ìpín lọ́jọ́ kan náà, kí èrè má baà lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú ìwé ìpín nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.